Ìdínkù, ìgbó, àbí ìlògbó?

Atúmọ̀, Òṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé kékeré kan fún àwọn oníṣòwò. Iye ẹ̀rọ tí wọ́n ń dín kù nínú ìwé lọ́dọọdún, kí la ń pè é? Mo kọ "ìdínkù onílà tààrà" àti "ìdínkù ìyókù tó ń dín kù", ẹnì kan ní kò dùn létí. Èwo nínú méjèèjì ló sì ń jẹ́ kí owó-orí kéré?

Olùkọ́ èdè, Ìjẹ̀bú-Òde:
Kò dùn létí lóòótọ́. Ìlà wo ló wà níbẹ̀? Iye kan náà la ń yọ lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ pè é ní ìgbó ọgbọọgba. Èkejì, lára ohun tó ṣẹ́ kù la ti ń yọ ọ́: ìgbó àṣẹ́kù. Ó dà bí ẹni tó ń gé ìdajì iṣu tó kù lójoojúmọ́. Ègé àkọ́kọ́ ló tóbi jù, iṣu ọ̀hún ò sì ní tán láéláé. Ní ti owó-orí, àṣẹ́kù ló dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ. Iye ńlá ń jáde lọ́dún kìíní, èrè á kéré, owó-orí náà á kéré.

Oníbúrẹ́dì, Ìbàdàn:
Ẹ dákun, igbó wo? Fóònù tèmi kì í gbé àmì, "igbo" ni mo rí, mo ní ṣé a ti ń ta igbó níbí ni! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi rí. Ààrò tí kọ́ńpìnnì mi rà lọ́dún 2023, akáúńtáǹtì wa fi àṣẹ́kù yọ iye ńlá, ó ní owó-orí ti fúyẹ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí yẹ ìwé wò, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà sórí èrè, wọ́n tún bu owó ìtanràn lé e. Ṣé torí pé ààrò náà ò tíì gbó ni?

Olùṣírò owó, Èkó:
Rárá, Mà, kò kan gbígbó ààrò. Olùkọ́, àlàyé yín nípa iṣu tọ̀nà, ti owó-orí ni kò rí bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ká ní mílíọ̀nù 2.4 náírà ni ààrò yẹn, èrè kí a tó yọ nǹkan kan sì jẹ́ mílíọ̀nù 4. Bí a bá pín in ọgbọọgba fún ọdún mẹ́rin, 600,000 ló jáde, èrè inú ìwé di mílíọ̀nù 3.4. Bí a bá fi ìdá 40 nínú 100 yọ ọ́ lára àṣẹ́kù, 960,000 ló jáde, èrè di mílíọ̀nù 3.04. Ẹ̀yin rò pé a ti jèrè. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí a ń ṣe níwájú owó-orí ni pé a dá iye tí a yọ yẹn padà: 3.4 àti 0.6 di mílíọ̀nù 4, 3.04 àti 0.96 náà di mílíọ̀nù 4. Ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí.

Lẹ́yìn náà la tó yọ èyí tí òfin fúnra rẹ̀ gbà. Lábẹ́ òfin tó wà nígbà náà, ìdajì iye ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ jáde, 1,200,000; ìdá 25 nínú 100 ìyókù, 300,000, tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà. Èrè tí owó-orí bá wá di mílíọ̀nù 2.5. Lẹ́yìn ìyẹn, 300,000 lọ́dọọdún, ọgbọọgba, títí á fi ku náírà 10 nínú ìwé. Láti oṣù Kìíní 2026, òfin tuntun ti mú ìdajì àkọ́kọ́ yẹn kúrò. Ohun tí akáúńtáǹtì yín gbàgbé ni dídá a padà. Bí ẹ kò bá rí ìlà "dá padà" nínú ìṣirò owó-orí, ẹ béèrè.

Ní ti orúkọ, mo fara mọ́ Mà: igbó yóò da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìlògbó, bí a ṣe ń sọ pé a lo aṣọ gbó.

Olùṣírò, Lọ́ńdọ̀nù:
Níhìn-ín, wọ́n ń dá a padà bákan náà, ṣùgbọ́n àṣẹ́kù ni òfin ń lò fún ohun tí kò bá ṣeé yọ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá 18 nínú 100 ni títí di oṣù Kẹrin 2026, kí ó tó di 14. Pẹ̀lú ìdá 18 yẹn, ohun 10,000 pọ́n-ùn ṣì ku nǹkan bí 4,521 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Iṣu Olùkọ́ nìyẹn.

Ìlògbó ò tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Ètò kọ̀ǹpútà kì í gbó, ayé ló ń fi í sílẹ̀.

Olùkọ́ èdè:
Mo gbà lórí owó-orí. Lórí ìlògbó, n kò tíì gbà.

Oníbúrẹ́dì:
Náírà 10 yẹn, ta ni mo máa san án fún?

Olùṣírò owó, Èkó:
Ẹ ò san án fún ẹnikẹ́ni, Mà. Àmì pé ààrò ṣì wà lọ́wọ́ yín ni. Ọjọ́ tí ẹ bá tà á ni 500,000, ìwé ní náírà 10 ló kù: 499,990 yẹn á padà wọ inú èrè tí owó-orí ń bá.