Chrome ní ìwé-ẹ̀rí sáìtì ilé-ìwé kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé: ṣé kí n tẹ "Proceed"?

Bùnmi: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ san owó ilé-ìwé àbúrò mi lórí pọ́tà wọn. Tí mo bá ti ṣí i pẹ̀lú Wáìfáì ọ́sítẹ́ẹ̀lì wa, Chrome á kọ "Your connection is not private", NET::ERR_CERT_AUTHORITY_INVALID á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí mo bá tẹ "Advanced", ó ń fún mi ní "Proceed". Ọ̀la ni wọ́n máa ti pọ́tà náà. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Táyé: Aago kọ̀ǹpútà ẹ ni. Tí bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 inú ẹ̀ bá ti kú, ọjọ́ á máa padà sẹ́yìn, sáìtì á sì máa kọ̀. Tún aago ṣe, ó parí.

Kọ́lá: Táyé, bátìrì máa ń fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n NET::ERR_CERT_DATE_INVALID ni yóò kọ, kò sì ní mọ lórí sáìtì kan ṣoṣo. Èyí tí Bùnmi rí ń sọ pé Chrome kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí náà. Bùnmi, má tíì tẹ nǹkan kan. Kọ́kọ́ pa Wáìfáì yẹn, fi dátà fóònù ẹ ṣe họ́tsípọ́ọ̀tù fún kọ̀ǹpútà kan náà, kí o tún pọ́tà náà ṣí. Lẹ́yìn náà, padà sórí Wáìfáì, tẹ "Not secure" níwájú àdírẹ́sì, kí o ṣí ìwé-ẹ̀rí náà wò. Orúkọ wo ló wà lábẹ́ "Issued By"?

Màmá Ọlá: Èmi náà máa ń rí i tí mo bá ṣí 192.168.1.1 láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà Wáìfáì ilé mi. Mo máa ń tẹ Proceed, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Tẹ̀ ẹ́, jàre.

Kọ́lá: Tiyín yàtọ̀, mà. Ráútà yín ló fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí ara rẹ̀, nítorí àìmọye ilé ló ń lo nọ́ńbà yẹn, kò sì sí iléeṣẹ́ tó lè fọwọ́ sí i fún ẹnì kan. Bí ẹ bá wà lórí Wáìfáì tiyín, tó jẹ́ ráútà yín lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Pọ́tà ilé-ìwé ní orúkọ tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Let's Encrypt sì ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́. Kò yẹ kó máa bẹ̀ wá pé ká gba òun gbọ́.

Bùnmi: Ẹ ṣé, sà. Lórí dátà, ó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Lórí Wáìfáì, orúkọ iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe fáyàwọ́ọ̀lù ló wà ní "Issued By", ó sì rí bẹ́ẹ̀ lórí àwọn sáìtì mìíràn tí mo wò. Ẹni tó ń bójú tó ọ́sítẹ́ẹ̀lì ní ká fi fáìlì .crt kan sórí kọ̀ǹpútà wa, ìkìlọ̀ náà á lọ.

Kọ́lá: Ó ti yé wa nìyẹn. Fáyàwọ́ọ̀lù wọn ń tú ohun tí o fi ránṣẹ́, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ló ń fi èdìdì tirẹ̀ dí i padà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ dí àwọn sáìtì kan ni, kì í ṣe olè. Síbẹ̀, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà lè rí nọ́ńbà káàdì ẹ. Tí o bá tẹ Proceed, ìkìlọ̀ nìkan lo pa lẹ́nu mọ́. Dátà ni kí o fi sanwó. Lórí ọ̀pọ̀ sáìtì báńkì, o ò tilẹ̀ ní rí Proceed rárá, nítorí sáìtì náà ti sọ fún buráúsà pé kó má gbà. Má wá ọgbọ́n gba ẹ̀yìn wọlé.

Ní ti fáìlì .crt, má fi í sórí kọ̀ǹpútà tara ẹ. Ìkìlọ̀ á lọ, ṣùgbọ́n wọn á ṣì máa kà á.

Bọ̀dé: Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ jẹ́ ká rọra. Mò ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléeṣẹ́ kan, a sì ń fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sórí gbogbo kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́. Ọ̀pọ̀ fáyàwọ́ọ̀lù ṣe é pàṣẹ fún pé kó má tú ti báńkì. Ó lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ pọ́tà náà sílẹ̀.

Kọ́lá: Kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, mo gbà. Kọ̀ǹpútà ayálégbé, mi ò gbà.

Táyé: Ká ní ó ṣì kọ̀ lórí dátà ńkọ́?

Kọ́lá: Kó wá wádìí ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Kó fi àdírẹ́sì pọ́tà rọ́pò èyí:

```
openssl s_client -connect portal.example.com:443 -servername portal.example.com
```

Bí ìlà "Verify return code" bá jẹ́ 21, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọn ò gbé ìwé-ẹ̀rí agbedeméjì sórí sáfà. Bó bá jẹ́ 10, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ló lè tún un ṣe. Títí wọn á fi ṣe é, ó lè kàwé níbẹ̀ bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí káàdì.

Bùnmi: Mo ti fi dátà san án. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ti fi .crt yẹn sórí Windows tiẹ̀. Báwo ló ṣe máa yọ ọ́?

Bọ̀dé: Kó tẹ Windows pẹ̀lú R, kó kọ `certmgr.msc`. Kó ṣí "Trusted Root Certification Authorities", lẹ́yìn náà "Certificates". Orúkọ tí o rí ní "Issued By" ni kó wá, òun nìkan ni kó pa rẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó wo `certlm.msc`.