Ìdógò kọ́, àsansílẹ̀ ni: lórí ìwé àdéhùn fún iṣẹ́ kékeré orí ayélujára

Ayàwòrán, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Lógò àti àwòrán ìpolówó ni mo máa ń ṣe fún àwọn tí ń tajà lórí ayélujára, mo sì fẹ́ máa fún oníbàárà ní ìwé àdéhùn lédè Yorùbá. Ohun tí mo kọ nìyí: "Oníbàárà yóò san ìdógo, ìdajì owó, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lógò kan àti àwòrán ìpolówó méjì ni iṣẹ́ náà. Àtúnṣe méjì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ yóò parí ní ọjọ́ méje." Ṣé Yorùbá rẹ̀ gún, ṣé kò sì ní dá ìjà sílẹ̀?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. "Ìdógo" tí o kọ yẹn ni n kò lè gbójú fò. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn ìparí rẹ̀ kì í ṣe ohùn àárín. Ògo ni ti Ọlọ́run. Ògò ni ohun tí ajigbèsè fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó yá a lówó, ìsàlẹ̀ àti ìsàlẹ̀ sì ni ohùn rẹ̀. Ìkejì ló burú jù. Nígbà tí àwọn bàbá wa bá sọ pé wọ́n dógò ti ènìyàn, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ológò tí olówó rán ti lọ jókòó sí ilé onígbèsè, ó ń yọ tilétilé lẹ́nu títí owó yóò fi jáde. Oníbàárà tí kò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, tó tún wá ń fún ọ lówó, kí ló ṣe tí o fi fẹ́ dógò tì í?

Àsansílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Wo "sílẹ̀" inú rẹ̀ dáadáa: owó ti wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé. Ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí wọ́n pa aṣọ láró fún òun, wọn yóò kọ́kọ́ gba owó aṣọ funfun àti owó aró, nítorí aṣọ tó bá ti wọ inú ìkòkò aró kò ní funfun mọ́ láéláé. N kò gbọ́ kí wọ́n pe owó yẹn ní ògò lọ́jọ́ kan.

Ògbufọ̀, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ògò, ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ kò bá ibí mu. Ẹni tó san àsansílẹ̀ ìwé ìròyìn ti san owó ọdún náà tán, kò sí gbèsè lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ìdajì péré sì ni ti ọ̀dọ́ yìí. "Àkọ́san" ni èmi ń lò nínú ìwé tí mo bá ń túmọ̀, bí a ti ní àkọ́bí àti àkọ́so, torí ẹni tó bá gbọ́ àkọ́san ti mọ̀ pé ìkejì ń bọ̀. Kò sì pọn dandan kí ó kọ ohunkóhun nípa bóyá owó náà yóò padà tàbí kò ní padà, nítorí òfin ti sọ pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í padà.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:

Ta ló fún yín láṣẹ àkọ́san? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, n kò pàdé rẹ̀ nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Agbẹjọ́rò, Àkúrẹ́:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ti Lọ́ńdọ̀nù sọ nípa òfin jẹ́ òótọ́ lápá kan. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kan ní 1884, ilé ẹjọ́ Ìlú Gẹ̀ẹ́sì sọ pé owó tí ẹni tó ń ra nǹkan fi sílẹ̀ láti fi hàn pé òun kò ní yẹ àdéhùn, tí òun náà bá wá yẹ̀ ẹ́, owó yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n owó tí a kàn san nínú iye tí a jọ sọ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó san án lè béèrè rẹ̀ padà, kí a sì yọ ohun tí ẹnì kejì pàdánù kúrò níbẹ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ tiwa náà máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nítorí náà, yálà a pè é ní àsansílẹ̀ tàbí àkọ́san, orúkọ yẹn nìkan kò ní gba ọ̀dọ́ yìí sílẹ̀. Kí ó kọ iye tí yóò dá padà bí oníbàárà bá fà sẹ́yìn kí ó tó rí àwòrán àkọ́kọ́, iye tí yóò dá padà lẹ́yìn tí ó bá ti rí i, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò bá lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́.

Àmọ́ kì í ṣe ibi owó ni ìjà yóò ti wá. "Àtúnṣe" ni. Ẹ wo ìyá kan tó ń ta kéèkì, tó gbé iṣẹ́ ₦60,000 fún ọ̀dọ́ yìí. Wọ́n rí i pé nọ́ńbà kan ti yí padà nínú nọ́ńbà fóònù wọn, wọ́n ní, "Ẹ bá mi tún un ṣe." Ní ọjọ́ kejì, àwọ̀ ewé tí àwọn fúnra wọn mú kò wù wọ́n mọ́, pupa ni wọ́n fẹ́, wọ́n ní, "Ẹ bá mi tún un ṣe." Ní ọjọ́ kẹta, Iléyá ti ń bọ̀, wọ́n fẹ́ àwòrán mìíràn tí àgbò wà nínú rẹ̀, ẹ bá mi tún un ṣe náà ni. Àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe oníṣẹ́, kò sì yẹ kí ó kà á mọ́ oníbàárà lọ́rùn rárá. Ìkejì nìkan ló yẹ kí a ka iye rẹ̀. Ìkẹta jẹ́ iṣẹ́ tuntun pátápátá, bí ó ti wù kí ohùn tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ dùn tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi yóò pe àkọ́kọ́ ní àtúnṣe, èkejì ní ìyípadà, ẹ̀kẹta ní àfikún iṣẹ́.

"Méjì" náà kò tíì yé ènìyàn. Bí wọ́n bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù ní àárọ̀ pé kí lẹ́tà tóbi sí i, tí wọ́n tún fi òmíràn ránṣẹ́ lálẹ́ pé kí ó sún sápá òsì, ṣé ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn tàbí ẹ̀ẹ̀mejì?

Aránṣọ, Òṣogbo:

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe ti ayélujára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ẹnì kan mú aṣọ ìgbéyàwó wá, mo wọ̀n ọ́n, mo rán an, wọn kò wá gbà á fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti sanra. Wọ́n ní kí n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé aṣọ kò gba àwọn. Ṣé ìwé yìí lè bá mi gba owó mi?

Agbẹjọ́rò, Àkúrẹ́:

Màmá, a ń bọ̀ sórí tiyín. Ìdí tí ìwé fi gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí iṣẹ́ parí gan-an nìyẹn.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:

Ẹ ti fo "ọjọ́ méje" kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni èdè wa ti yàtọ̀. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìjẹta kò ju ọjọ́ méjì sẹ́yìn lọ. Ọjà ọrún, márùn-ún ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n sì ń ná an. Bí o bá gba owó lónìí Ajé, tí o sọ fún ìyá àgbà kan pé ọjọ́ keje, ọjọ́ Àìkú ni yóò máa retí rẹ; ọmọ rẹ̀ tó lọ sí yunifásítì yóò retí rẹ di Ajé tó ń bọ̀. Àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi.

Ògbufọ̀, Lọ́ńdọ̀nù:

Níbí yìí, mo gba ti Bàbá láìjiyàn. Ṣùgbọ́n "gbèdéke" ńkọ́? Ẹ kò lò ó.

Agbẹjọ́rò, Àkúrẹ́:

Gbèdéke dára, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ó kà á láti ọjọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀. Oníbàárà lè fọwọ́ sí ìwé lónìí kí ó má san owó títí di ọ̀sẹ̀ kejì, tàbí kí ó san owó, kí ó má fi orúkọ ọjà àti àwòrán kéèkì rẹ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ kìíní ni ọjọ́ kejì ìgbà tí owó àti ohun èlò iṣẹ́ ti dé méjèèjì. Ọjọ́ tí oníṣẹ́ bá sì fi ń dúró de èsì oníbàárà kò sí nínú kíkà.

Ayàwòrán, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tún un kọ:

"Lógò kan àti àwòrán ìpolówó méjì ni iṣẹ́ yìí, ohun tí a kò dárúkọ níbí jẹ́ àfikún iṣẹ́, a ó sì sọ owó rẹ̀ lọ́tọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦60,000. ₦30,000 ni àsansílẹ̀. Ìyókù yóò wọlé kí n tó fi fáìlì ìkẹyìn ránṣẹ́. Bí oníbàárà bá fà sẹ́yìn kí ó tó rí àwòrán àkọ́kọ́, n ó dá ₦20,000 padà. Lẹ́yìn tó bá ti rí i, n kò ní dá nǹkan kan padà. Bí èmi ni mo bá yẹ àdéhùn, ₦30,000 ni n ó dá padà. Àṣìṣe tèmi, n ó tún un ṣe iye ìgbà tó bá gbà. Ìyípadà tí oníbàárà fẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ni gbogbo ohun tó bá kọ pọ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Láti ẹ̀ẹ̀kẹta lọ, ₦7,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí owó àti ohun èlò dé ni ọjọ́ kìíní. Àwòrán àkọ́kọ́ yóò dé ní ọjọ́ keje kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, a kò sì ní ka ọjọ́ tí mo bá fi ń dúró de èsì. Bí n kò bá gbúròó oníbàárà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí mo ti fi àwòrán hàn án, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, ìyókù owó sì di sísan."

Kí wọ́n tó san ìyókù, àwòrán kékeré tí mo kọ orúkọ mi gba àárín rẹ̀ kọjá nìkan ni n ó máa fi hàn wọ́n.

Agbẹjọ́rò, Àkúrẹ́:

Ó gún. Fi gbólóhùn kan kún un pé lógò náà di ti oníbàárà ní ọjọ́ tí owó bá pé, torí bí ìwé kò bá sọ ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìwọ tí o yà á, oníbàárà kò sì mọ̀. Gba ìfọwọ́sí wọn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá dáhùn lórí Wọ́sáàpù pé àwọn ti kà á, àwọn sì gbà, pa á mọ́.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:

Ọmọ mi, ṣé o rí i? Fáìlì tí o dì mú yẹn gan-an ni ògò. Ìwọ lo gba ògò lọ́wọ́ onígbèsè, kì í ṣe òun ló san án fún ọ.

Ògbufọ̀, Lọ́ńdọ̀nù:

Bàbá, ohun tí onígbèsè ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ògò. Fáìlì tí kò tíì di tirẹ̀, báwo ni yóò ṣe fi dógò? Ẹ sì tún wo àkọ́san, n kò tíì yọwọ́ níbẹ̀ o.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:

N ó dá yín lóhùn lórí ìyẹn lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ní kí a máa pe àmì ìdánimọ̀ ní "lógò".

Aránṣọ, Òṣogbo:

Ẹ jọ̀ọ́, ti aṣọ ìgbéyàwó mi ńkọ́? N kò ní ìwé tí mo kọ nígbà náà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.