Wọ́n fa wáyà ilé mi tí kò tíì parí yọ ní Alápẹ̀rẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí mo ń kọ́ ní Alápẹ̀rẹ̀ ti dúró láti ọdún tó kọjá nítorí owó sìmẹ́ńtì. Mo ra àgádágodo ńlá sí géètì rẹ̀, mo sì fi alámòójútó síbẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀ ní Sátidé, wọ́n ti fa gbogbo wáyà inú ògiri yọ, wọ́n sì ti gbé ilẹ̀kùn onírin méjì lọ. Àwọn aládùúgbò ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ẹni tó wà ní òdìkejì, tí mo fún ní ìrẹsì nígbà Kérésì, kò tilẹ̀ jáde kí mi. Àbúrò ọkọ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Irú àgádágodo wo ni kí n rà báyìí?

Wẹ́dà Ọjọ́ta: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ṣé wọ́n gé ọrùn àgádágodo náà ni, àbí wọ́n já etí irin tí a fi kọ́ ọ kúrò lára géètì? Etí yìí ni olè sábà máa ń dojú kọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi síkúrù so ó láti ìta, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè tú u. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jó o mọ́ irin géètì, kí wọ́n sì jó àpótí irin kékeré bò ó, tí ọwọ́ lè gba ìsàlẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ̀mú ńlá tí wọ́n fi ń gé irin kò ní ráyè débẹ̀. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé ìsàlẹ̀, kí sìmẹ́ńtì inú àpòpọ̀ rẹ̀ má pọ̀, kí ó lè rọrùn láti wó nígbà tí iṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífa wáyà odidi ilé yọ kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò kánjú.

Bàbá Ṣómólú: Tèmi ju èyí lọ. Wọ́n ti fẹ́ ta ilé mi kí n tó fi ọ̀dà kọ “Ilé yìí kì í ṣe títà” sára ògiri. Ẹ lọ kọ ọ́ lónìí. Kí ẹ sì kó àwọn ọmọkùnrin lọ lálẹ́ òní, kí wọ́n lé alámòójútó yẹn síta.

Wẹ́dà Ọjọ́ta: Bàbá, wáyà ni wọ́n jí, wọn kò ta ilé.

Ìyá Ìbejì: Àgádágodo náà wà bó ṣe wà, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ọwọ́ alámòójútó ni kọ́kọ́rọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹ má bú u, ọmọ ìlú wa ni. N kò san owó oṣù fún un, àmọ́ ọ̀fẹ́ ló ń sùn, ó sì ń rí nǹkan jẹ níbẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé: Báwo ló ṣe ń rí nǹkan jẹ nínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ìyá?

Ìyàwó Kétu: Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A rí ọkọ̀ tó ń kó irin lóru, a bi máígádì, ó ní ọ̀gá òun ló rán wọn. A kò ní nọ́ńbà ọ̀gá náà. Ẹ má bínú sí aládùúgbò yín jù.

Ìyá Ìbejì: Alámòójútó mi fi yàrá ìsàlẹ̀ méjì fún télọ̀ kan àti ọmọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe. Wọ́n ń san owó fún un lóṣooṣù, ó sì ń fi ìdajì ránṣẹ́ sí mi. Kí ló kan olè níbẹ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé: Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àdúgbò tó ń rí ẹrù tó ń wọlé tó ń jáde lójoojúmọ́ kò lè mọ ẹrù tí wọ́n jí. Ẹ fún àwọn onílé tó yí yín ká ní nọ́ńbà yín, kí ẹ sì sọ fún wọn lójú alámòójútó pé ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín pè. Ẹ san owó ọdẹ àdúgbò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tíì kó wọlé kì í san án, àwọn ọdẹ náà kì í sì í yà síbẹ̀.

Ní ti àwọn méjì yẹn, níwọ̀n ìgbà tí owó wọn ti ń dé ọwọ́ yín, agbẹjọ́rò wọn yóò pè wọ́n ní ayálégbé. Lábẹ́ òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011, ẹni tó ń san owó lóṣooṣù gbọ́dọ̀ gba ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn. Òfin ìdáàbòbò dúkìá ti 2016 kò sì fàyè gba kí ẹnikẹ́ni fi ipá gba ilé, nítorí náà ẹ má kó ọmọkùnrin kankan lọ. Alámòójútó ni kí ẹ bá ṣe ìwé: pé nítorí iṣẹ́ ló ṣe ń sùn níbẹ̀, iye tí ẹ óò máa san fún un, pé kò gbọ́dọ̀ gba ẹnikẹ́ni sílé, kí onídùúró rẹ̀ sì fọwọ́ sí i.

Bàbá Ṣómólú: Ẹ máa ka òfin, olè yóò máa kó ẹrù.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ni màá kọ́kọ́ fún níwèé. Télọ̀ yẹn ní ọmọ ọwọ́, n kò tíì mọ ohun tí màá ṣe sí tirẹ̀. Alámòójútó kò gbé fóònù láti àárọ̀. Wẹ́dà, èló ni àpótí irin náà?

Wẹ́dà Ọjọ́ta: Ẹ fi fọ́tò géètì ránṣẹ́ kí n tó dá owó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi àgádágodo tuntun sí ẹnu àtẹ̀gùn òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má kúrò lọ́wọ́ yín.