“Ọ̀jáfáfá” kò sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe

Abéèrè: Mo fẹ́ wọṣẹ́ ní ilé aláró kan níbí l'Óṣogbo. Wọ́n ní kí n kọ ìlà díẹ̀ nípa ara mi. Mo kọ ọ́ pé: “Ọ̀jáfáfá ni mí, mo mọṣẹ́ dáadáa, mo sì lójú ọnà.” Ìyá tó kà á ní òun ò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ló jinlẹ̀ ju “ọ̀jáfáfá” lọ?

Olùkọ́ Yorùbá: Kọ “akọ́ṣẹ́mọṣẹ́”. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹni tára rẹ̀ yá lásán náà lè jẹ́ ọ̀jáfáfá.

Ìyá Aláró: Ẹ ṣé, sà. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀, àmọ́ ẹgbàá èèyàn ló lè kọ “akọ́ṣẹ́mọṣẹ́”. Ọmọ mi, àdìrẹ wo lò ń ṣe?

Abéèrè: Ẹlẹ́kọ ni, mà. Mo ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́ta.

Ìyá Aláró: Báwo lo ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀kọ lááfún rẹ dára?

Abéèrè: Bó bá ṣàn jù, ìlà á tàn káàkiri. Bí mo bá tẹ́ ẹ nípọn jù, á sán tó bá gbẹ, aró á gba ojú ibẹ̀ wọlé, ibi tó yẹ kó funfun á wá ní ìlà wẹ́wẹ́. Nítorí náà, mo máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ìlà kan sórí ègé aṣọ ná. Tí etí ìlà bá dúró gbọn-in, mo bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Aláró: O ti kọ ọ́ tán! Ohun tí a fẹ́ kà gan-an nìyẹn. Ìkòkò aró ńkọ́?

Abéèrè: Ọ̀gá mi ló ń po aró, mà. Èmi ń rẹ aṣọ: mo máa ń gbé e jáde kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ títí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ á fi yí padà, kí n tó tún dá a padà sínú ìkòkò.

Ìyá Aláró: Kọ rírẹ, má kọ pípo. Wọ́n lè ní kó o ṣe é lójú wọn.

Télọ̀: Èmi kọ “aṣọ rírán kíákíá” sójú páálí ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé kí n kọ iye owó sí i ni?

Ìyá Aláró: Ti owó kọ́ là ń sọ. Kọ irú aṣọ àti ọjọ́ tó ń gbà ọ́, tó bá jẹ́ pé o máa ń pa á mọ́, títí kan àsìkò ọdún.

Olùkọ́ Yorùbá: Mo gbà. Ẹ jẹ́ ká pe irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní “ẹ̀rí-ọwọ́”.

Télọ̀: Ó jọ ọ̀rọ̀ kóòtù létí mi, sà. “Àfọwọ́ṣe” ńkọ́?

Olùkọ́ Yorùbá: Ohun tí a fọwọ́ ṣe ni àfọwọ́ṣe, ọ̀rọ̀ tó ń ròyìn rẹ̀ là ń wá.

Ìyá Aláró: Nílé tiwa, “ṣe é ká rí i” la máa ń wí. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn lè di orúkọ.