Ọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú: ṣé kí n kọ gbogbo rẹ̀ tán ni, àbí kókó nìkan ti tó?

Dáwódù
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la fẹ́ sin Màmá wa, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú 5 ní ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ̀rọ̀ nípa wọn. Mo ti kọ ojú ewé 4. Ṣé kí n kà á bẹ́ẹ̀, àbí kí n yọ kókó rẹ̀ sórí páálí kékeré?

Ọmọ Ìjẹ̀rù
Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ má kà á o. Ẹni tó bá ń kàwé, ohùn rẹ̀ á máa lọ bákan náà bí ẹni ń ṣe ìkéde, kò sì ní í gbójú sókè. Ẹ kọ kókó 6 sórí páálí, ó tó. Ta ló ń kàwé kó tó lè sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀?

Tísà Tákié
Òótọ́ ni ti ohùn yẹn, àbúrò, àmọ́ ìwé kọ́ ló fà á. Gbólóhùn gígùn tí ẹnu kì í sọ ló fà á. Ẹkún ló wà nídìí ìsìnkú. Ẹni tí omijé bá bò lójú lórí kókó mẹ́fà, kò sóhun tó máa dì mú, kò sì sẹ́ni tó lè bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Tó bá kọ ọ́ tán, àbúrò rẹ̀ tí ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ á bọ́ síwájú, á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Dáwódù, ẹ kà á sókè lórí ìdúró, kí ẹ fi aago fóònù ṣọ́ ojú ewé kìíní nìkan. Tó bá gba ìṣẹ́jú 2, mẹ́rin á gba 8. Ojú ewé 2 péré lẹ ó gbé lọ, kí ìṣẹ́jú kan ṣẹ́ kù fún ibi tí ọ̀fun bá ti dí. Ẹ má sáré kà kó lè wọlé. Ẹ gé e.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 16, ojú kan ìwé nìkan, kí gbólóhùn má ṣe já sí ìsàlẹ̀ ewé. Ẹ fi nọ́ńbà sí i, ẹ má fi pín-ìn-nì dè é: ṣe lẹ ó máa rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ńkọ́? Ìwé tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ láìsí àmì ló ń dójú ti èèyàn jù. Ẹ wo "O duro ti oko re." Ọkọ ni màmá dúró tì ni, àbí oko? Ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a nígbà tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́. Ẹ fi bírò sàmì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà kékeré síbi tí ẹ ti fẹ́ mí.

Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ títí di Ọjọ́bọ̀. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn gbólóhùn ni kí ẹ máa wojú èèyàn sọ, kí ìka yín wà lórí ìlà tó kàn.

Ìyá Alága
Ẹ kú àlàyé, Tísà. Ní tèmi o, tí n bá ń ṣe alága ìjókòó, ìwé ò wúlò. Bí ẹbí ọkọ bá dáhùn lọ́nà mìíràn, kí ni mo fẹ́ kà?

Tísà Tákié
Ìyáàmi, iṣẹ́ tiyín yàtọ̀. Àwọn èèyàn ló ń darí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kókó ló yẹ yín: páálí kan fún ìpele kan, ọ̀rọ̀ márùn-ún péré lórí rẹ̀. Orúkọ àti oyè nìkan ni kí ẹ kọ tán, torí wọn kì í ṣeé dá sọ lójijì. Fún ìdánrawò, ẹ má há a sórí. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀rọ̀ ẹnu yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ṣi ibì kan náà fò lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ tó wà lórí páálí yẹn kò rán yín létí nǹkan kan. Ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀rù
Mo gbà ti ẹ̀dà kejì yẹn. Àmọ́ kí wọ́n kà á látinú fóònù ńkọ́?

Tísà Tákié
Iná rẹ̀ á kú, ìpè á wọlé. Ìwé ni.

Dáwódù
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti wọn ojú ewé kìíní: ìṣẹ́jú 2 àti díẹ̀. Ìtàn ilé ẹ̀kọ́ wọn ni mo gé kúrò. Oríkì wọn ló kù: ṣé kí n kọ òun náà sílẹ̀?

Ìyá Alága
Ọmọ mi, oríkì kì í ti inú ìwé jáde. Àtọkàn ni.

Tísà Tákié
Ẹ kọ ọ́ sí ewé ọ̀tọ̀, Dáwódù, kó wà lábẹ́. Ẹni tó ń sunkún lè gbàgbé oríkì ìyá rẹ̀.

Ìyá Alága
Kó gbàgbé kẹ̀? Àwọn obìnrin ilé á gbè é lẹ́nu rẹ̀ kó tó wo ìwé.