Ṣé dẹ́sítọ́ọ̀pù ọ́fíìsì kékeré lè gbá géèmù? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Káyọ̀dé: Ẹ jọ̀ọ́, mo ra OptiPlex 9020 tẹ́ẹ́rẹ́ kan n'Íkẹjà, tòkunbọ̀ ni, i5-4590 ló wà nínú ẹ̀. GTA V ni mo fẹ́ fi gbá. Ẹni tó bá ti ki gíráfíìkì káàdì bọ irú ẹ̀ rí, báwo ló ṣe lọ?

Bùọ̀dá Tádé: Àbúrò, mo ti ṣe é, èmi àti ọmọ mi la ń lò ó. Iná ni kó o kọ́kọ́ rò. Páwà inú ẹ̀ ò ju wáàtì 255 lọ, kò sí wáyà kankan tó ń lọ síbi káàdì, o ò sì lè kàn fi páwà ọjà rọ́pò ẹ̀ torí ẹnu ẹ̀ ò bá a mu. Gbogbo iná tí káàdì bá máa lò, inú ojúhò tó o kì í bọ̀ ló ti máa gbà á, wáàtì 75 sì ni òpin ẹ̀. Ìdí tí mo fi mú GTX 1650 kúkúrú nìyẹn, èyí tí ò ní ihò wáyà lórí, torí àwọn kan ní ihò yẹn o, má rà á. Kó o tó sanwó, bèèrè irin ẹ̀yìn tó kúrú, torí bí wọ́n bá de èyí tó gùn mọ́ ọn, àpótí ẹ ò ní gbà á.

Ṣẹ́gun_PC: Ẹ dákun, RX 6400 ló dáa jù, wáàtì 53 péré, ojúhò kan ṣoṣo ló gbà.

Bùọ̀dá Tádé: Ti iná yẹn, òótọ́ lo sọ. Àmọ́ ọ̀nà 4 péré ni káàdì yẹn ń gbà bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, PCIe 4.0 ni wọ́n ṣe é fún, PCIe 3.0 tó lọ́ra jù ú lọ sì ni 9020, nítorí náà ìdajì ìyára tó yẹ kó ní ló máa rí. Tí 4GB orí ẹ̀ bá ti kún, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ́ṣẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun, mi ò ní bá ẹ jà.

Àdùnní: Tèmi kéré bí ìwé, ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ ni mo so ó mọ́. Ibo ni màá ki 1650 yẹn sí?

Bùọ̀dá Tádé: Àǹtí mi, irú yẹn ò ní ojúhò káàdì rárá. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lọ.

Ṣẹ́gun_PC: Tèmi ń já fréèmù ṣáá kí n tó fi ráàmù 8GB kejì kún ti àkọ́kọ́. Ìgbà tó di méjì lara ẹ̀ tó balẹ̀. Wáyà mọ́nítọ̀ náà, ara káàdì ni kẹ́ ẹ fi sí o, kì í ṣe ti mọ́dábọ́ọ̀dù.

Káyọ̀dé: Ẹ ṣé gan-an. 1650 yẹn nípọn tó ojúhò méjì, ṣé kò ní gbá páwà?

Bùọ̀dá Tádé: Ó sinmi lórí èyí tó o bá rà. Ṣí àpótí ẹ, fi rúlà wọ̀n ọ́n, kó o gbé fọ́tò wá ká rí i. Ooru ló ṣì ń kọ mí lóminú, bí mo bá dé ìdérí ẹ̀ fáànù á máa pariwo, mi ò tíì rí ọ̀nà àbáyọ.

Ṣẹ́gun_PC: Èmi ò dé e mọ́ ní tèmi, àmọ́ eruku ń wọ̀ ọ́ gan-an.