Ping ń kọjá nínú VPN, àmọ́ fáìlì ń há

Àkànbí: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fi WireGuard so laptọ́ọ̀pù mi mọ́ sáfà kan. Ping ń lọ, ó ń bọ̀, mo sì ń fi ssh wọlé. Àmọ́ tí mo bá fi `scp` rán fáìlì, tàbí tí mo kàn tẹ `ls` nínú fódà tó kún, gbogbo rẹ̀ á dúró pa. Kò ní já, kò sì ní sọ ohun tó ṣe é. Ìgbà tí mo pààrọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ló bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Íńtánẹ́ẹ̀tì yín ló ń falẹ̀. Tèmi náà máa ń há bẹ́ẹ̀ lálẹ́.

Àkànbí: Ó ń sáré dáadáa tí mo bá pa VPN, mà.

Rẹ̀mí: MTU ni, ìyẹn ìwọ̀n páákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tí ọ̀nà lè gbé. Gbé e wá sí 1280, ó parí.

Àǹtí Ṣadé: Rẹ̀mí, o mọ ibi tó ń ro ó, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wọn ọ̀nà náà ná. Àkànbí, pa VPN, kí o tẹ èyí, kí o fi àdírẹ́sì ìta sáfà rẹ rọ́pò tèmi:

```
ping -M do -s 1472 203.0.113.10
```

Máa dín 1472 kù títí yóò fi kọjá.

Àkànbí: 1424 kọjá, 1425 kọ̀.

Àǹtí Ṣadé: Fi 28 kún 1424, torí orí páákẹ́ẹ̀tì tí `-s` ò kà, ó di 1452. Ohun tí ọ̀nà rẹ lè gbé nìyẹn, kò tó 1500. WireGuard máa ń fi báìtì 60 wé páákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lórí IPv4. Tí MTU wg0, ìyẹn ojú ọ̀nà WireGuard lórí ẹ̀rọ rẹ, bá wà ní 1420, èyí tó kún á jáde ní 1480. Wọ́n á gé e sí méjì lójú ọ̀nà, tàbí kí wọ́n jù ú nù. Tí fáyáwọ̀ọ̀lù kan bá tún kọ àwọn àjákù yẹn, laptọ́ọ̀pù ò ní gbọ́ nǹkan kan, á kàn máa tún un rán ṣáá. Ti ping kéré, ìyẹn ló fi ń kọjá. Yọ 60 nínú 1452:

```
sudo ip link set dev wg0 mtu 1392
```

Ṣe é lórí laptọ́ọ̀pù, kí o sì ṣe é lórí sáfà pẹ̀lú, torí òun ló ń kó èsì `ls` bọ̀. Pa ssh tó wà ní ṣíṣí, kí o tún un ṣí. Tó bá ṣiṣẹ́, kọ `MTU = 1392` sábẹ́ `[Interface]` nínú `wg0.conf` ti àwọn méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa padà sí ti tẹ́lẹ̀ tí o bá tún wg-quick tàn.

Rẹ̀mí: 1280 tèmi ńkọ́, Àǹtí?

Àǹtí Ṣadé: Á ṣiṣẹ́ níbí, àyè díẹ̀ ló máa ṣòfò. Má ṣáà lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, IPv6 ò ní ṣiṣẹ́ nínú wg0 mọ́.

Àkànbí: `ls` yọ wéré! Fáìlì ti lọ tán. Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí.

Ìyá Ìbejì: Ṣé kí n fi 1392 sí tèmi náà?

Àǹtí Ṣadé: Rárá mà, ọ̀nà tiẹ̀ ló ni nọ́ńbà yẹn. Tó bá sì jẹ́ alẹ́ nìkan ló ń há, kò jọ MTU lójú mi. Ẹ wọn tiyín lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí ẹ kọ méjèèjì síbí.